Nígbà tí wọ́n bá ní kí o sọ ìgbà kan tí o kùnà

Ọmọbìnrin kan wá bá mi nílé ní Sátidé kan, lẹ́yìn tí òjò ti dá. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni ìyá rẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nítorí náà ọmọ-ọmọ ni mo kà á sí. Ìjọ́ra ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ̀kan lára àwọn ilé yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí, tí àwọn alájàpá máa ń wá rà á ní páálí páálí. Ilé iṣẹ́ kan ní Apápá pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún ipò olùtọ́jú ọjà. Ó sì ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọn kì í bi èèyàn ní ìbéèrè inú ìwé níbẹ̀. Wọ́n á kàn ní, "Sọ fún wa nípa ìgbà kan tí iṣẹ́ bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́." Wọ́n á tún ní, "Sọ ìgbà kan tí ìwọ àti ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní aáwọ̀."

"Prọ́fẹ́sọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni kí n sọ? Tí mo bá sọ òótọ́, wọn ò ní gbà mí. Tí mo bá ní mi ò kùnà rí, irọ́ ni."

Mo ní kó kọ́kọ́ dá mi lóhùn bí ẹni pé èmi ni mo jókòó sí ìdí tábìlì náà. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mò ń kọ ọ́ sílẹ̀:

"Níbi iṣẹ́ wa, ẹ mọ̀ pé iná Nàìjíríà ò dúró. Lọ́jọ́ kan báyìí, wọ́n mú iná lọ, dísẹ́ẹ̀lì tán, ẹja wá yọ́. A gbìyànjú gan-an ni sà. A sáré sókè sódò, a ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Ọlọ́run bá wa ṣe é, kò pọ̀ jù. A wá kẹ́kọ̀ọ́ pé ó yẹ kéèyàn máa múra sílẹ̀."

Ẹ tún un kà, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ wá sọ fún mi: ta ló kùnà níbẹ̀? Kò sẹ́ni tó kùnà. Iná ni wọ́n mú lọ, dísẹ́ẹ̀lì ló tán fúnra rẹ̀, ẹja ló yọ́ fúnra rẹ̀. Èdè wa fún wa láyè bẹ́ẹ̀. "Àwo fọ́" la máa ń sọ, a kì í tètè sọ pé "mo fọ́ àwo." Ọ̀rọ̀ ìṣe bíi bàjẹ́, tán, fọ́, já àti yọ́ lè dá dúró láìsí ẹni tó ṣe é, gbogbo wa la sì máa ń sá sábẹ́ wọn lọ́jọ́ tí nǹkan bá dà rú. Kò burú nínú ilé. Àmọ́ àwọn tó jókòó sí ìdí tábìlì yẹn ní ìwé kan níwájú wọn, wọ́n fẹ́ kọ ohun tí *ìwọ* ṣe síbẹ̀. Ìwé wọn á ṣófo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìbéèrè wọ̀nyí ti wá, nítorí bí a bá mọ ohun tí wọ́n ń wá, ìdáhùn náà á rọrùn. Nígbà ogun àgbáyé kejì, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, John Flanagan, ń bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfúrufú ṣiṣẹ́. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí àwọn kan ò fi lè kọ́ bí a ti ń wa bàálù. Wọ́n kó ìdí tí àwọn olùkọ́ kọ sílẹ̀ nípa ẹgbẹ̀rún kan ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n lé kúrò ní 1941. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kò wúlò fún púpọ̀: ẹni yìí ò ní ẹ̀bùn rẹ̀, ẹni yẹn ò ní òye, ti ẹlòmíràn, kò tẹ̀ síwájú tó. Ẹni tó bá fẹ́ yan ọmọ iṣẹ́ mìíràn kò lè rí nǹkan kan dì mú nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ni Flanagan bá yí ọ̀nà padà. Dípò kí wọ́n máa bèèrè irú ènìyàn tí ẹnì kan jẹ́, ohun tí ẹni náà ṣe gan-an ní ọjọ́ kan pàtó ni wọ́n ń bèèrè, àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ó tẹ ọ̀nà náà jáde ní 1954. Ní 1970, William Byham àti Douglas Bray dá ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní DDI sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ètò lẹ́tà mẹ́rin yìí ti tàn káàkiri: S, T, A, R. Gbogbo wọn wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì tiwa náà, ó dùn mọ́ mi nínú.

S ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀. T ni iṣẹ́ tó já lé ọ léjìká níbẹ̀, ìwọ, kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́. A ni ohun tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe. R ni ohun tó tibẹ̀ jáde. Àwọn ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ìjọba ibẹ̀ ń gba àwọn tó ń wá iṣẹ́ ọba nímọ̀ràn pé kí wọ́n lò ó, àyè tí wọ́n sì sábà máa ń fún wọn láti kọ àpẹẹrẹ kan kò ju 250 ọ̀rọ̀ lọ. Ní Èkó níbí, ẹnu la máa ń fi sọ ọ́, ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta sì tó.

Mo padà sọ́dọ̀ ọmọ yẹn. Mo ní, "Dísẹ́ẹ̀lì tán. Ta ló yẹ kó mọ̀ pé ó fẹ́ẹ́ tán?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Bàbá tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ ni, sà."

"Iṣẹ́ tìrẹ ńkọ́?"

"Èmi ni mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ní alẹ́ Sátidé, kí a tó ti ilé."

"Báwo lo ṣe ń mọ iye tó wà nínú táńkì?"

"Ọ̀pá kan wà tí a máa ń tì bọ̀ ọ́." Ó wo ilẹ̀. "Lọ́jọ́ yẹn, mi ò ti ọ̀pá bọ̀ ọ́. Òjò ń rọ̀. Mo bi bàbá náà, wọ́n ní ó pọ̀. Mo bá kọ ọ́ pé ó pọ̀."

Ìyẹn gan-an ni ìkùnà náà. Kò tóbi ju ìlà kan nínú ìwé lọ. Ẹni tó bá jókòó sí ìdí tábìlì gbọ́ ọ́, á gbé kálámù, nítorí pé ohun tí ènìyàn kan ṣe ní ọjọ́ kan ti jáde sí gbangba. Ó kù kí a to ìyókù. Ó tó wákàtí kan tí a fi ṣe é, mo ń bèèrè iye, ó ń rántí, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lórí fóònù láti wo ìwé. Ohun tó wá sọ nígbẹ̀yìn nìyí. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi sọ ọ́ ní Apápá, àmọ́ Yorùbá la fi tò ó.

"Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, èmi ni akọ̀wé ní ilé yìnyín kan ní Ìjọ́ra. A ní yàrá mẹ́ta tí a ń kó ẹja sí ní ìwọ̀n òtútù −18. Ní gbogbo alẹ́ Sátidé, iṣẹ́ mi ni láti wọn dísẹ́ẹ̀lì tó wà nínú táńkì kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń wá ní ọjọ́ Àìkú àyàfi ẹ̀ṣọ́.

"Ní Sátidé kan, òjò ń rọ̀, mi ò wọn ọ́n. Mo bi ẹni tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀, ó ní ó pọ̀, mo sì kọ ohun tó sọ. Lítà 60 péré ló kù, jẹnẹrétọ̀ wa sì ń mu nǹkan bíi lítà mẹ́wàá ní wákàtí kan. Iná lọ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ní aago mẹ́ta òru, jẹnẹrétọ̀ kú.

"Ẹ̀ṣọ́ pè mí ní aago méje àárọ̀. Mo ní kó má ṣí ilẹ̀kùn yàrá kankan, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbóná tó bá wọlé ló ń yára yọ́ ẹja. Mo pe ọ̀gá mi lójú ẹsẹ̀, kí n tó wá dísẹ́ẹ̀lì, mo sì sọ fún un pé èmi ni mi ò wọn táńkì. Mo ra lítà 100, jẹnẹrétọ̀ sì tàn ní aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Yàrá méjì ṣì wà ní −14. Ẹ̀kẹta, tí rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ti gbó, ti dé −6. Mo ti ẹnu tẹmomítà bọ inú ẹja ní páálí kọ̀ọ̀kan tó wà nítòsí ilẹ̀kùn, mo sì ya páálí 38 tó ti rọ̀ sọ́tọ̀. Mi ò jẹ́ kí wọ́n kó o padà kó tún dì, nítorí ẹja tó bá yọ́ tó tún dì máa ń di ẹ̀rọ̀, oníbàárà á sì bá yìnyín nísàlẹ̀ páálí. Mo fi í lọ àwọn ìyá tó ń yan ẹja, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, wọ́n sì rà á tán lọ́jọ́ náà ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó rẹ̀.

"Àdánù wa tó owó páálí mẹ́sàn-án àbọ̀. Ọ̀gá mi kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ fún mi. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kọ iye kankan tí mi ò fi ojú ara mi rí. Mo fi ọ̀dà sàmì sí ọ̀pá náà, mo sì ní kí ìwé wa ní àyè fún iye lítà, kì í ṣe fún 'ó pọ̀' tàbí 'ó kéré', kí èèyàn méjì sì máa buwọ́ lù ú. Nínú oṣù mọ́kànlá tó tẹ̀ lé e, dísẹ́ẹ̀lì ò tán mọ́ wa lóru. Lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pá fi hàn ní ọjọ́ Ẹtì pé kò ní tó, a sì rà á kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ẹ rí i pé S àti T kò gba ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ibí yìí ni àwa Yorùbá ti máa ń ṣìnà. A fẹ́ràn láti bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ìdí, a ó sọ bí a ṣe dé ibi iṣẹ́, ẹni tó mú wa débẹ̀, bí ọ̀gá ṣe rí. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ á ti lọ, ẹni tó ń gbọ́ ò tíì rí nǹkan kọ. Èmi a máa sọ pé kí ohun tó ju ààbọ̀ ìdáhùn lọ wà nínú A. Àmọ́ tí ìbéèrè bá jẹ́ ti ìkùnà, A pín sí méjì: ohun tí o ṣe tí kò dára, àti ohun tí o ṣe nígbà tí o rí i. Ọ̀pọ̀ a máa sọ ìkejì nìkan, tí wọ́n á sọ ara wọn di akọni tó pa iná tí kò mọ ẹni tó dá a. R náà pín sí méjì: àdánù, kó ní iye, àti ohun tó yí padà lẹ́yìn rẹ̀. "Mo kẹ́kọ̀ọ́" kò tó. Ọ̀pá tí wọ́n sàmì sí ni ẹ̀rí pé ó kẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀rọ̀ "a" tún wà níbẹ̀. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa kì í sọ pé "mo ṣe é, mo ṣe é" níwájú àgbà, ìgbéraga ni. "A" ló máa sọ. Àmọ́ ẹni tó ń fún un ní máàkì kò lè mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú "a" náà. Mo jókòó ní ìdí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní yunifásítì, mo sì ti rí ọmọ tó mọ iṣẹ́ tó gba máàkì méjì nínú márùn-ún, nítorí pé "a" ló ń sọ títí tí àsìkò fi tán. Ẹni tó ń gbọ́ a tiẹ̀ máa ran èèyàn lọ́wọ́ nígbà mìíràn, á ní, "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?" Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń bèèrè.

Ọmọ náà bi mí pé ṣé kò ní sàn kóun mú ìkùnà tó rọrùn, bíi pé iṣẹ́ òun máa ń pọ̀ jù nítorí pé òun fẹ́ kó dára jù. Mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹni tó ti gba ènìyàn síṣẹ́ rí ló ti gbọ́ ìyẹn títí etí wọn fi kún. Kò ní ọjọ́, kò ní ibi, kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Ìkejì rẹ̀ náà ò dára, ìyẹn kéèyàn mú ohun tó wúwo jù lọ láyé rẹ̀ wá. Ká ní ó kọ iye lítà kan sínú ìwé láti orí ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ á ti kúrò ní àìbìkítà, ó ti di ìwé èké, mi ò sì ní gbà á nímọ̀ràn láti fi ìyẹn ṣe àpẹẹrẹ fún ipò olùtọ́jú ọjà. Á wá ìtàn mìíràn tó jẹ́ òótọ́. Kò gbọdọ̀ tún èyí ṣe kó lè dára létí, nítorí àwọn ìbéèrè tó ń tẹ̀ lé ìtàn ló máa ń tú irọ́. Wọ́n á ní: aago mélòó ni ẹ̀ṣọ́ pè ọ́? Kí ni ọ̀gá rẹ kọ́kọ́ sọ? Kí ló dé tí o kò fi wọn ọ́n? Ẹni tó wà níbẹ̀ á dáhùn láìrò ó. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ á padà sí "a gbìyànjú gan-an ni."

Ti aáwọ̀, a ò lọ jìnnà kí a tó rí i. Inú ìtàn kan náà ló wà. Nígbà tó sọ pé kí wọ́n máa kọ iye lítà, kí èèyàn méjì sì máa buwọ́ lù ú, bàbá jẹnẹrétọ̀ bínú. Ó ní ṣé olè ni wọ́n pe òun ni? Ó ju bàbá ọmọ náà lọ lọ́jọ́ orí. Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé, "Wọ́n bínú sí mi, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, mo ṣáà bẹ̀ wọ́n."

Mo ní kó ṣọ́ra fún "wọ́n" yẹn tó bá dé Apápá. Lẹ́nu wa, ẹnì kan tó jẹ́ àgbà ni. Tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tí kò fi orúkọ ipò rẹ̀ pe bàbá náà, wọ́n á rò pé gbogbo ilé iṣẹ́ ló bínú sí i. Èyí tó wúwo jù ni "mo ṣáà bẹ̀ wọ́n." Ẹ̀bẹ̀ dára nílé, àmọ́ ẹni tó ń gbọ́ á bèèrè pé, ìwé náà ńkọ́? Ṣé ó fi í sílẹ̀ kí àlàáfíà lè wà?

Kò fi í sílẹ̀. Ó lọ bá bàbá náà ní ìdí jẹnẹrétọ̀ ní ọjọ́ kejì, kò bá a jà níwájú àwọn èèyàn. Ó ní kí bàbá sọ ohun tó ń dùn ún. Bàbá ní wọ́n ti fẹ̀sùn kan òun rí, níbi iṣẹ́ tí òun ti wá, pé òun ń ta dísẹ́ẹ̀lì, ìwé tí wọ́n ń buwọ́ lù sì rán òun létí ìyẹn. Ó wá fi han bàbá pé ìwé náà lè gbè é: tí dísẹ́ẹ̀lì bá dín lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì ti buwọ́ lù ú, á hàn pé ó pé nígbà tí bàbá fi ilé sílẹ̀. Wọ́n jọ wọn ọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá gba ìwọ̀n, kò gba ìbuwọ́lù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kó tó gbà á.

Mo ní kó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn sí i. Ó fẹ́ yọ ọ́ kúrò, kó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yanjú lọ́jọ́ kan. Aáwọ̀ tó parí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí ẹnì kejì kàn rí i pé òun ló jẹ̀bi, a máa ru ìfura sókè. Ẹni tó ń gbọ́ ń wá bóyá o lè sọ ti ẹnì kejì bó ṣe jẹ́ lójú tirẹ̀, láìfi ṣẹ̀sín. Ó tún ń wá bóyá iṣẹ́ ń lọ ní gbogbo àsìkò tí inú ò fi dùn.

Ó pè mí ní ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà. Wọ́n bi í ní méjèèjì. Lẹ́yìn tó sọ ti dísẹ́ẹ̀lì tán, obìnrin tó jókòó láàárín bi í pé, "Tí òjò bá tún rọ̀ ńkọ́?" Ó ní kò múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Ó kàn sọ pé òun ní àǹbùrẹ́là níbi iṣẹ́ báyìí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ló sì ń gbé e kọ́ sí.